Ọ́ìlì sílì ṣọ́kì iwájú mi tún ti ń jò lẹ́yìn oṣù méjì, ṣé kílò mi ló fà á ni?

Ẹsẹ̀ Méjì:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ṣọ́kì iwájú máṣíìnì mi ń jò, apá ọ̀tún nìkan. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí mẹkáníìkì kan pààrọ̀ ọ́ìlì sílì rẹ̀ fún mi o, ó ní ojúlówó lòun fi sí i, àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ àná tí mo rí i pé ọ́ìlì ti ṣe òrùka yí irin dídán yẹn ká, ó ti ń ṣàn wálẹ̀ lọ sápá bíréèkì. Èmi náà kì í ṣe ẹni kékeré, kílò 98 ni mí pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì àti hẹ́ńmẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ti tẹ bíréèkì, orí máṣíìnì á kàn wólẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mẹkáníìkì yẹn ní kílò mi ló ń já sílì, ó ní kí n lọ yí pírílóòdù ẹ̀yìn, òrùka tó ń fún sípíríǹgì ṣọ́kì ẹ̀yìn pọ̀, kó le dáadáa. Mo ti yí i dé 5 tó gbẹ̀yìn, ìdí ló wá ń dùn mí báyìí, iwájú ò sì yàtọ̀ rárá. Ṣé lóòótọ́ ni pé kílò mi ni?

Baba Gíríìsì:
Tèmi náà jò báyẹn lọ́dún tó kọjá. Ẹ tú kọ́fà ibi tí ṣéènì ti jáde lára ẹ́ńjìnnì, ẹ máa rí sílì kékeré kan lẹ́nu ọ̀pá jíà, òun lẹ máa pààrọ̀. Kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ẹsẹ̀ Méjì:
Ẹ̀gbọ́n, iwájú ni mo wí o, ṣọ́kì tó di táyà mú. Ẹ́ńjìnnì mi gbẹ táútáú.

Baba Gíríìsì:
Áà, mi ò kà á dópin. Àmọ́ ẹ ṣì yẹ tẹ̀yìn wò.

Wáyà Kíláọ̀ṣì:
Ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Ẹ da 10W yẹn nù kí ẹ bu 20W sí i, á nípọn, kò ní ráyè jò mọ́, orí ò sì ní máa wólẹ̀.

Tínrín Bí Abẹ́rẹ́:
Èmi ò ju kílò 58 lọ o, tèmi náà sì jò. Tó bá jẹ́ kílò ló ń já sílì, tèmi ò bá má jò títí láé.

Ìyá Sípánà:
Àbúrò, kó o tó ṣe ohunkóhun, wo páàdì bíréèkì ẹ ná. Tí ọ́ìlì bá ti kàn án, má gùn ún lọ síbì kankan, torí páàdì tó ti mu ọ́ìlì kò ṣeé fọ̀, ìpààrọ̀ ló kù. Dísíìkì nìkan lo lè fi omi ìfọ bíréèkì nù kó mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kílò. Sílì kì í gbé ẹnikẹ́ni. Sípíríǹgì inú ṣọ́kì ló gbé ẹ, gbogbo iṣẹ́ sílì ò ju kó máa nu irin yẹn bó ṣe ń wọlé tó ń jáde kí ọ́ìlì má bàa tẹ̀lé e. Tí sílì tuntun bá jò láàárín oṣù méjì, nǹkan ló gé ẹnu ẹ̀, tàbí ìdọ̀tí ló há sí i, tàbí afẹ́fẹ́ inú ṣọ́kì ló ń tì í láti ẹ̀yìn.

Ìdọ̀tí ni mo máa kọ́kọ́ wò, torí kò náni ní nǹkan kan. Rọra fa róbà eruku tó wà lókè sílì sókè, fọ ibẹ̀ dáadáa, wá gé ike pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bíi ti ara ike omi, fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀gbẹ́ kan kó dà bí ìkọ́, kí o tì í bọ àárín irin àti sílì, kí o wá fà á yípo irin náà tán. Wàá rí dọ̀tí dúdú lórí ìkọ́ yẹn tó bá wà níbẹ̀. Nù ún, tẹ ṣọ́kì náà nígbà mẹ́wàá, nu irin gbẹ, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi ike lásán dá sílì tí wọ́n ti fẹ́ sọ nù padà.

Tó bá tún jò, fi èékánná rẹ rìn lára irin dídán yẹn láti ẹnu sílì lọ sókè, yí i ká o, má ṣe wo iwájú nìkan. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, ibẹ̀ ti dógùn-ún tàbí òkúta ti ta á. Ihò tó dà bí ojú abẹ́rẹ́ ti tó láti máa gé ẹnu sílì nígbàkúùgbà tó bá kọjá. Sáńpépà 1000 tí o fi ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ rin ni wàá fi bọ́ kìkì etí tó yọ sókè, bí èékánná ò bá ti kọ́ mọ́, dá ọwọ́ dúró. Tí ihò bá jìn, fi gúlúù líle dí i kó o tó bọ́ ọ pẹlẹbẹ. Tí kírómù bá ti ń ṣí bí èèpo, irin yẹn ti parí ayé ẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè tèmi wá ni pé, ṣé mẹkáníìkì yẹn wọn ọ́ìlì tó rọ síbẹ̀, àbí ojú ló fi wò ó?

Wáyà Kíláọ̀ṣì:
Ìyá, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa 20W mi.

Ìyá Sípánà:
Mo gbà fún ọ pé orí á rọra wólẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tó máa wólẹ̀ dé náà kọ́ ló máa dé ṣá? Ọ́ìlì kì í gbé nǹkan dúró. Tó o bá wá kó sí gbágungbàgun lọ́nà, ṣọ́kì ò ní ráyè padà sókè kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ní ti jíjò, sílì tó ti gé á jẹ́ kí ọ́ìlì nípọn kọjá, á kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ Méjì:
Mo pe mẹkáníìkì náà. Ó ní òun rọ ọ́ "títí tó fi tó". Mo bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n, ó ní ojú.

Ìyá Sípánà:
Mo mọ̀. Gbé máṣíìnì sórí nǹkan kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kó o wá tú orí ṣọ́kì apá òsì tí kò jò, torí ti ọ̀tún ò lè sọ òótọ́ fún ẹ mọ́, ó ti jò kúrò. Fi ara balẹ̀ níbẹ̀ o, sípíríǹgì ń ti ìdérí yẹn láti abẹ́, má gbé ojú ẹ sókè ẹ̀. Tú ti ọ̀tún náà, yọ sípíríǹgì méjèèjì, ti ṣọ́kì wọlé pátápátá, fi rúlà wọn ti òsì láti ẹnu páìpù dé orí ọ́ìlì. Ìwé máṣíìnì ẹ á sọ iye tó yẹ kó jẹ́.

Ẹsẹ̀ Méjì:
Ẹ gbà mí. Ìwé ní mílímítà 125. Èyí tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ 92!

Ìyá Sípánà:
Ohun tó já sílì ẹ nìyẹn. Àlàfo tó kù lókè ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, bí ṣọ́kì bá sì ṣe ń wọlé ni àlàfo yẹn ń kéré, tí afẹ́fẹ́ ń le. Bó bá ti kéré jù látilẹ̀, á le débi tí á fi máa ti ọ́ìlì gba ẹnu sílì jáde. Kílò ẹ ń kún un díẹ̀ lóòótọ́ torí ṣọ́kì ẹ ń rìn jìnnà jù sísàlẹ̀, ìyẹn ni mẹkáníìkì yẹn fi rí ìdajì òtítọ́. Tó o bá ń fi sílì tuntun sí i, fi ọ̀rá pẹlẹbẹ wé ẹnu páìpù, fi ọ́ìlì pa á, kó o tó ti sílì kọjá, torí etí páìpù yẹn mú. Ìhà méjèèjì ni kó o pààrọ̀ pọ̀ o, kó o sì wọn méjèèjì sí 125.

Ọ̀gbẹ́ni Tépù:
Kó o tó parí iṣẹ́ ṣọ́kì yẹn, jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ orí tó ń wólẹ̀, torí inú ibẹ̀ náà lo máa dé. Pírílóòdù kì í jẹ́ kí sípíríǹgì le o, gbogbo èèyàn ló ń ṣe àṣìṣe yìí. Sípíríǹgì kan náà ni. Ìdúró máṣíìnì ló ń gbé sókè. Ìdí tí ìdí fi ń dùn ẹ nìyẹn, o ti gbé ẹ̀yìn sókè dé òkè téńté, kò ku ibi tí táyà lè bọ́ sí nígbà tó bá kan kòtò, o sì tún ti da ẹrù sórí iwájú.

Wá ẹnì kan tó máa bá ẹ di máṣíìnì mú. So táì róbà tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ irin dídán yẹn, wọn bó ṣe gùn tó nígbà tí táyà wà lókè, tún wọn ọ́n nígbà tí máṣíìnì dá dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, tún wọn ọ́n nígbà tó o jókòó sórí ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìgùn ẹ tí ẹsẹ̀ ẹ wà lórí ibi ìtẹ́lẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó rọra gòkè, wọn ọ́n, lẹ́yìn náà gbé e sókè kó rọra sọ̀, wọn ọ́n, mú àárín méjèèjì, torí sílì tuntun máa ń di irin mú, iye méjèèjì kì í bára mu. Kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹsẹ̀ Méjì:
Mo ti ṣe é, ìyàwó mi ló di máṣíìnì mú, ó ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ rán aṣọ fún un ni. Ìwé ní iwájú lè rìn mílímítà 130, ẹ̀yìn 100. Iwájú: òun nìkan rì 33, pẹ̀lú èmi 52. Ẹ̀yìn ní nọ́ńbà 5: òun nìkan kò rì rárá, òdo, pẹ̀lú èmi 27.

Ọ̀gbẹ́ni Tépù:
Rìnkàrìnkà ọ̀nà títì, mo máa ń fẹ́ kó rì bí ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó gùn ún. Ìdá mẹ́ta 130 jẹ́ 43, ìwọ wà ní 52. Ṣé o rí páìpù kékeré tó wà lórí sípíríǹgì nínú ṣọ́kì? Gé tuntun tó gùn jù ú lọ ní mílímítà 10, kí orí àti ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, méjì tó dọ́gba. Iwájú á padà sí 42 pẹ̀lú ẹ, òun nìkan á wá rì 23. Ẹ̀yìn, dá a padà sí nọ́ńbà 3, tún wọn ọ́n.

Wáyà Kíláọ̀ṣì:
Wọ́n ń gbé páìpù sínú ṣọ́kì, wọ́n ní 20W burú.

Ẹsẹ̀ Méjì:
Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo pààrọ̀ sílì àti páàdì. Irin gbẹ, mo ń fi tíṣù nù ún láràárọ̀, funfun ni tíṣù ń jáde. Mo sì rí ihò kan lápá ọ̀tún, ní ẹ̀yìn irin lọ́hùn-ún, mo ti bọ́ ọ. Iwájú 42 gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn ní nọ́ńbà 3: òun nìkan 7, pẹ̀lú èmi 35. Ìdí ò dùn mọ́.

Ìyá Sípánà:
35 nínú 100 dára. Àmọ́ tèmi ni pé sípíríǹgì ẹ̀yìn yẹn ṣì rọ̀ fún kílò 98, 7 yẹn kéré lójú mi. Sípíríǹgì tó le díẹ̀ á jẹ́ kó o dín pírílóòdù kù, á sì rì ju 7 lọ fúnra ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Tépù:
Mi ò gbà, Ìyá. 7 tó, 5 sí 10 ni mo máa ń gbà lẹ́yìn. Kó má ṣáà ti jẹ́ òdo. Ẹ jẹ́ kó gùn ún, tí ṣọ́kì bá ń kan ìsàlẹ̀ gbì nínú kòtò, ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ sípíríǹgì.

Ẹsẹ̀ Méjì:
Tí ìyàwó mi bá wá jókòó sẹ́yìn ńkọ́?

Ọ̀gbẹ́ni Tépù:
Nọ́ńbà 5, ohun tó wà fún gan-an nìyẹn. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, yí i padà sí 3.

Baba Gíríìsì:
Mo tú kọ́fà ṣéènì mi wò lónìí o, ó tún ti ń jò.