Ìtàn ìrírí: ẹni tí kò dáhùn ìbéèrè owó, ẹ yọ ọ́ ni àbí ẹ dí àlàfo rẹ̀?

Àjọkẹ́ Bódìjà
Fọ́ọ̀mù 400 la gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Bódìjà. Gbogbo wọn ló sọ ọjọ́ orí, irú ìsọ̀ àti iye tí wọ́n ń dá lájọ. Nígbà tó kan èrè oṣù, 100 kọ̀, wọn ò sọ. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ń pàtẹ sílẹ̀ sọ tiwọn. Mo fura pé ẹ̀rù owó orí ni. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bí èrè ṣe kan iye àjọ. Ẹni tó ti kojú irú èyí rí, kí lẹ ṣe?

Délé Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìpíndọ́gba ni mo fi dí tèmi nígbà iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo ṣírò ti àwọn tó dáhùn, mo kọ ọ́ sí ojú gbogbo àlàfo. Iye èèyàn ò dín, ìpíndọ́gba ò sì yí padà. Mi ò rí ìṣòro kankan.

Bàbá Oníṣirò
Òótọ́ ni pé ìpíndọ́gba ò yí padà, Délé. Ṣùgbọ́n wo ìtúká, ìyẹn bí iye kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Ká ní ìtúká èrè àwọn 300 tó dáhùn jẹ́ 20,000 náírà. Tí o bá kọ nọ́ńbà kan náà fún àwọn 100 yòókù, kò sẹ́ni tó jìnnà sí àárín nínú wọn, ìtúká á wá já sí nǹkan bíi 17,300. Tí o bá tún fi gbòǹgbò 400 pín in dípò gbòǹgbò 300, àṣìṣe tó rọ̀ mọ́ ìpíndọ́gba náà, tó yẹ kó jẹ́ bíi 1,155, á di 866. Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ dá ọ lójú sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tuntun fún ọ. Ti àjọ tún burú jù: àjọ àwọn 100 yẹn yàtọ̀ síra, èrè kan náà lo kọ fún gbogbo wọn, ìbátan èrè àti àjọ á sì rẹlẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Ẹ bá mi wo tèmi náà, sà. A béèrè oṣù mélòó tí àbígbẹ̀yìn wọn fi mu ọmú. Àlàfo pọ̀, torí àwọn kan ò tíì bímọ. Èwo ni kí n fi dí i?

Bàbá Oníṣirò
Má dí i rárá, Ṣadé. Ìdáhùn kankan ò sọnù níbẹ̀, ìbéèrè náà ni kò kàn wọ́n. Fún wọn ní kóòdù tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọ̀ láti dáhùn. Tó bá jẹ́ 99 ni kóòdù náà, kí o rí i pé kọ̀ǹpútà ò máa kà á sí oṣù 99.

Màmá Ìlọrin
Èmi máa ń yọ wọ́n ni, mi ò sì tọrọ àforíjì. Tó bá jẹ́ irú ìsọ̀ ló ń pinnu ẹni tó kọ̀, tí irú ìsọ̀ sì wà nínú ìṣirò pẹ̀lú èrè, ohun tí àwọn 300 bá sọ nípa àjọ ò ní yẹ̀. Èyí tí mo ń sá fún ni ìwádìí oníbéèrè púpọ̀. Tí èèyàn 5 nínú 100 bá fo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tí ìbéèrè sì jẹ́ 10, tó jẹ́ pé fífo ọ̀kan ò ní í ṣe pẹ̀lú fífo òmíràn, nǹkan bíi 60 nínú 100 ló máa ṣẹ́ kù.

Túndé Leeds
Mo gbà, mà, fún ìbátan èrè àti àjọ. Ṣùgbọ́n tí Àǹtí Àjọkẹ́ bá tún fẹ́ kéde ìpíndọ́gba èrè ọjà náà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló máa pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yọ, èrè á sì kéré ju bó ṣe rí lọ. Dídí lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí onímọ̀ ìṣirò Rubin kọ ìwé lé lórí ní 1987, ni mo máa ń lò, nínú ètò ìṣirò R:

```r
library(mice)
imp <- mice(oja, m = 20, method = "pmm", seed = 7)
fit <- with(imp, lm(ajo ~ ere + isoo + ojo_ori))
summary(pool(fit))
```

Fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tó kọ̀, mice máa ń wá àwọn tó jọ ọ́ nínú àwọn tó dáhùn, á sì yá èrè ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣe é nígbà 20, èrè tó yá sì máa ń yàtọ̀. Bí ìdáhùn 20 náà ṣe yàtọ̀ síra ni wọ́n fi ń mọ bí àìdánilójú ṣe tó, a kì í fi í pamọ́. Ẹ má yọ àjọ kúrò nínú dídí o. Ẹni tó bá yọ ọ́, torí pé òun ló fẹ́ ṣàlàyé, ń dín ìbátan náà kù fúnra rẹ̀.

Àjọkẹ́ Bódìjà
Ẹ ṣeun. Tó bá wá jẹ́ pé nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó jọra pátápátá, àwọn tó ń jèrè jù ló kọ̀ ńkọ́?

Túndé Leeds
Ọgbọ́n yìí ò lè mọ ìyẹn, mà. Kò sí ohun tó máa fi hàn án nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo ń ṣe ni pé màá fi ìdá kan nínú márùn-ún kún gbogbo èrè tí a yá, màá tún ìṣirò ṣe. Tí ìdáhùn nípa àjọ bá yí padà, màá kọ ọ́ sínú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Màmá Ìlọrin
Ẹ padà sọ́dọ̀ díẹ̀ nínú wọn. Ẹ má béèrè iye gan-an. Ẹ fi ìpele hàn wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ tiwọn. Àwọn tó kọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń dáhùn tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Oníṣirò
Màmá, ẹni tó ti kọ̀ ti kọ̀. A máa ń ṣèlérí fún wọn pé a ò ní fipá mú ẹnikẹ́ni, mi ò sì rò pé ó tọ́ ká tún lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Màmá Ìlọrin
Bíbéèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kì í ṣe ipá, sà, tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn tún lè kọ̀. Àjọkẹ́, kí ni ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí sọ?