Báwo ni mo ṣe lè fi ìrísí àwọ̀ kan ṣoṣo sára fọ́tò 146 láìjẹ́ pé ojú àwọn èèyàn pọ́n?

Afínjú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán inú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́rin, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Mo ní fọ́tò 146 tí mo yà níbi ayẹyẹ kan ṣoṣo, inú álúbọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo wọn yóò sì wà. Mo ya 62 nínú gbọ̀ngàn lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, mo ya 51 níta lábẹ́ òjìji, mo sì ya 33 tó kù nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Mo ti tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Lightroom, pàápàá àwọn tó ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú ti oòrùn ìrọ̀lẹ́ wù mí gan-an, mo fi àtúnṣe ara rẹ̀ ṣe prísẹ́ẹ̀tì, mo sì lò ó fún gbogbo wọn. Ohun tí mo rí bà mí nínú jẹ́: ojú àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn pọ́n bí ọsàn, àwọn tó wà lábẹ́ òjìji rí bí ẹni tí òtútù mú, àwọn fọ́tò tí mo ti fara balẹ̀ mú mọ́lẹ̀ sì tún padà ṣókùnkùn.

Ẹnì kan sọ fún mi pé lọ́ọ̀tì, ìyẹn fáìlì tó ń pààrọ̀ àwọ̀ kan sí òmíràn, sàn ju prísẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí náà mo fi prísẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe lọ́ọ̀tì, mo sì fi lọ́ọ̀tì náà sórí àwọn `.jpg` tí mo ti gbé jáde. Òkùnkùn yẹn kò padà wá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ojú ṣì pọ́n, wọ́n tilẹ̀ pọ́n sí i. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Lẹ́ńsì-Mímọ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú fọ́tò yín kò dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ mú gbogbo rẹ̀ dọ́gba kí ẹ tó fi ìrísí kankan lé e. Èmi máa ń yan gbogbo fọ́tò pọ̀, màá sì tẹ `Auto` níbi `White Balance`, ibi tí a ti ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, kí ẹ̀rọ lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wá èyí tó bá a mu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, ìrísí yòówù tí mo bá sì gbé lé e lẹ́yìn náà máa ń jókòó dáadáa.

Onífídíò:
Ó ti ṣe èmi náà rí. Mo ra lọ́ọ̀tì kan, mo fi í sórí fídíò mi, irun gbogbo èèyàn sì di dúdú kirikiri, a kò rí fọ́nrán irun kan ṣoṣo mọ́. Àṣé fídíò lọ́ọ̀gì ni wọ́n ṣe lọ́ọ̀tì náà fún, èyí tí kámẹ́rà máa ń kọ sílẹ̀ láìjẹ́ kí dúdú rẹ̀ dú jù tàbí kí funfun rẹ̀ funfun jù, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ tó ti ṣá. Àwòrán tèmi ti ní dúdú àti funfun tó yẹ tẹ́lẹ̀, lọ́ọ̀tì náà sì tún fi òmíràn kún un. Ẹ lọ yẹ tiyín wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti lọ́ọ̀gì.

Afínjú:
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò ra lọ́ọ̀tì kankan, fúnra mi ni mo ṣe é. Mo fi àṣẹ ImageMagick yìí dá àwòrán pẹ̀ẹ́lẹ́ sílẹ̀, èyí tó kó oríṣiríṣi àwọ̀ sínú láìtíì yí ìkankan padà:

```
magick hald:8 pile.png
```

Mo gbé `pile.png` wọ inú Lightroom, mo fi prísẹ́ẹ̀tì mi sí i, mo gbé e jáde gẹ́gẹ́ bíi `iwo.png`, mo sì fi í kun gbogbo fọ́tò tó wà nínú fódà náà báyìí:

```
mkdir -p awo
for f in *.jpg; do
  magick "$f" iwo.png -hald-clut -quality 92 "awo/$f"
done
```

Òǹkà-Àwọ̀:
Ẹ kú làálàá, Afínjú. Àṣẹ yín kò ní àbùkù, ohun tí ẹ kó sínú lọ́ọ̀tì náà ni ó ń dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ prísẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà méjèèjì ti ṣẹ̀.

Prísẹ́ẹ̀tì kì í fi nǹkan kún ohun tí ẹ ti ṣe, ńṣe ló máa ń kọ iye tirẹ̀ lé e lórí. Bí ẹ bá ti fún fọ́tò kan tó ṣókùnkùn ní +0.65 níbi `Exposure`, tí èyí tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ sì ní +0.20, +0.20 ni ẹ óò bá lára fọ́tò òkùnkùn yẹn lẹ́yìn prísẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yín fi pòórá. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe prísẹ́ẹ̀tì ìrísí, ẹ yọ àmì kúrò níwájú `White Balance` àti `Exposure`, nítorí àwọn méjèèjì yìí jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ ibi tí a ti ya fọ́tò, wọn kì í ṣe ti ìrísí tí ẹ fẹ́.

Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀tì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́ọ̀tì kò mọ fọ́tò rárá. Tábìlì ni: bí àwọ̀ kan bá wọlé, ó wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì fún un ní èyí tí yóò bá jáde. Ẹ wo ohun kan tó wà nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí àga aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n gbé kiri. Ká ní nínú gbọ̀ngàn, nọ́ńbà àga náà jẹ́ 201, 168, 124 fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tó jẹ́ 142, 151, 166 lábẹ́ òjìji, tó sì jẹ́ 190, 171, 146 nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Lójú lọ́ọ̀tì, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò sì jáde. Kí àga náà tó lè jáde ní àwọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ wọlé ní àwọ̀ kan.

Ẹ wá wò ó pé ẹ fi prísẹ́ẹ̀tì tó ní `White Balance` nínú kun `pile.png`. Pípọ́n tí ẹ fi sí fọ́tò ìrọ̀lẹ́ ti di ara lọ́ọ̀tì náà nìyẹn. Fọ́tò gbọ̀ngàn tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ tún gba pípọ́n kejì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Yàtọ̀ sí èyí, kí ni ó tún wà nínú prísẹ́ẹ̀tì náà?

Afínjú:
Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ wò ó. `Temp` ti `White Balance` wà níbẹ̀ lóòótọ́, bákan náà ni `Exposure`, `Shadows` +35, `Clarity` +12, ìlà `Tone Curve`, àti díẹ̀ nínú `Color Grading`.

Òǹkà-Àwọ̀:
Ẹ yọ `Temp`, `Exposure`, `Shadows` àti `Clarity` kúrò kí ẹ tó ṣe lọ́ọ̀tì náà ní tuntun. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan `Shadows` ni pé kì í wo àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan nìkan, ó tún máa ń wo àwọn tó yí i ká. Lórí `pile.png`, ohun tó yí píksẹ́lì ká kò jọ ti fọ́tò kankan, nítorí náà ohun tí yóò kọ sínú tábìlì kì í ṣe òótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni `Clarity` rí. Ẹ lè mọ̀ bí ó bá ti ṣẹlẹ̀: ẹ fi lọ́ọ̀tì náà sórí fọ́tò tí ojú ọ̀run gbòòrò nínú rẹ̀. Bí àwọ̀ ọ̀run bá gé ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn, nígbà tí kò gé bẹ́ẹ̀ nínú ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tábìlì náà ti wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ibi tó ṣókùnkùn là díẹ̀, ẹ fi `Tone Curve` ṣe é, èyí kò ní da nǹkan rú.

Ní ti `Auto` tí Lẹ́ńsì-Mímọ́ sọ, òtítọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ mú dọ́gba, mo bá a fọwọ́ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni `Auto` ń wò. Bí aṣọ pupa bá gba ìdajì fọ́tò kan, ó lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pọ́n, kí ó fa gbogbo rẹ̀ sí búlúù, nígbà tí fọ́tò tí ẹ yà ní ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe rí. Ẹ yan fọ́tò kan nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ àga eérú yẹn pẹ̀lú `White Balance Selector`, kí ẹ wá fi `Sync` gbé `White Balance` nìkan lọ sára àwọn tó kù nínú ìpín náà. Ara fáìlì ráà, èyí tí kámẹ́rà kọ láìtíì sọ ọ́ di `.jpg`, ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ara `.jpg`, nítorí ara ráà ni `Temp` ti ń ka Kẹ́lífìnì gidi, nígbà tó jẹ́ pé lára `.jpg`, láti -100 sí +100 ni ó mọ, ohun tó sì ti sọ nù nígbà tí fọ́tò di `.jpg` kò lè padà bọ̀.

Lẹ́ńsì-Mímọ́:
Mo gbà, n kò rò ó débi aṣọ pupa yẹn. Ṣùgbọ́n mo ní àtakò kan: bí ẹ bá sọ àga di eérú gan-an nínú fọ́tò ìrọ̀lẹ́, oòrùn tó ń wọ̀ yóò di oòrùn ọ̀sán. Ta ló fẹ́ ìyẹn?

Òǹkà-Àwọ̀:
Ẹ sọ òótọ́. Èmi máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bí àpẹẹrẹ kí àga náà wà ní 172, 166, 157 dípò kí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Àwọn mìíràn kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ojú ẹni tó ni iṣẹ́ ni yóò pinnu rẹ̀.

Afínjú:
Mo ti ṣe é. Mo padà sí fáìlì ráà, mo pín wọn sí mẹ́ta, mo tẹ àga náà, mo tún `Exposure` ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn jáde ní àwọ̀ `sRGB`, mo sì wá fi lọ́ọ̀tì tuntun kún wọn. Mo gbé fọ́tò obìnrin kan náà láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹnì kan náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kìkì pé ìrísí náà le jù lára àwọn fọ́tò gbọ̀ngàn. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè ni?

Òǹkà-Àwọ̀:
Rárá o. Nígbà tó jẹ́ pé tábìlì ni méjèèjì, ẹ lè po tábìlì pẹ̀ẹ́lẹ́ mọ́ ti ìrísí, àbájáde rẹ̀ yóò sì dà bí ìgbà tí ẹ po fọ́tò fúnra rẹ̀:

```
magick pile.png iwo.png -define compose:args=60 \
  -compose blend -composite iwo60.png
```

`iwo60.png` yóò ní ìdá 60 nínú 100 ìrísí yín. Ẹ lò ó fún fọ́tò 146 náà pátápátá, kì í ṣe ti gbọ̀ngàn nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò tún ti mú ìyàtọ̀ wọ inú álúbọ́ọ̀mù náà.

Afínjú:
60 rọ̀ jù fún mi, 75 ni mo fi sílẹ̀. Ó ku fọ́tò mẹ́sàn-án tí mo yà lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Gílóòbù mọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn, ìmọ́lẹ̀ òde sì mọ́ sí ti òsì. Bí mo bá tún ọ̀tún ṣe, òsì á di búlúù.

Òǹkà-Àwọ̀:
Lọ́ọ̀tì kò lè ran yín lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì inú `Masking` kun ẹ̀gbẹ́ òsì kí ẹ yí `Temp` ibẹ̀ nìkan padà, ṣáájú kí ẹ tó gbé e jáde. Mẹ́sàn-án ni, ó ṣeé fọwọ́ ṣe.

Onífídíò:
Èmi ì bá sọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di dúdú àti funfun.

Afínjú:
Àwọn òbí ẹni tó ni ayẹyẹ náà ló wà nínú méje nínú wọn, mo sì fẹ́ kí àwọ̀ aṣọ wọn hàn. Màá fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbìyànjú lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ti pàdé lórí imú wọn.