Ìntáfíù Báǹdì 6 níwájú máníjà tó mọ̀ mí dunjú

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì Báǹdì 5 ní wọ́ọ̀dù kan náà. Mo ṣe ìntáfíù Báǹdì 6, ìyẹn ipò tó ga ju tèmi lọ, lóṣù tó kọjá, wọn ò mú mi. Máníjà wa wà lára àwọn mẹ́ta tó bi mí léèrè, òun kan náà ló sì máa ń fi mí ṣe alábòójútó wọ́ọ̀dù lálẹ́. Wọ́n ní ohun tí mo sọ ò tó. Kí ni mo tún fẹ́ máa sọ fún ẹni tó ń rí mi lójoojúmọ́? Òmíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá òní.

Tòkunbọ̀ Àmẹ́ríkà: Àǹtí, ẹ má gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá. Nígbà tí wọ́n gbé mi ga níbi iṣẹ́, mo ní kí wọ́n fi kún un, wọ́n sì fi kún un.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ ṣeun, àmọ́ owó NHS, ìyẹn iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ti wà nínú ìwé, báǹdì ló ń sọ iye tó jẹ́. Wọn ò tíì fún mi níṣẹ́ ọ̀hún rárá!

Bọ̀dá Láńre: Wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú tẹ́lẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ ṣáà má sọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù yín láìdáa, ẹni tó ni ín ló jókòó síwájú ẹ.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá Láńre, apá kejì ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́. Àmọ́ ọdún kẹfà rèé tí èmi ti ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń fúnni ní máàkì. Ìwé kan wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ìbéèrè kan náà la ń bi gbogbo ẹni tó bá wá, ohun tó bá sì ti ẹnu ẹ jáde ni mò ń kọ síbẹ̀. Bí mo bá fún ẹ ní máàkì torí ohun tí mo ti rí ní wọ́ọ̀dù, tí ẹni tó ti ọsibítù mìíràn wá sì fẹjọ́ sùn, ìwé yẹn ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Mo ti fojú bẹ ẹni tí mo mọ̀ rí pé kó jọ̀ọ́, kó sọ ọ́, òun ń sọ pé "ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀". Máàkì ti lọ nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́, wọ́n bi ẹ́ nípa aláìsàn tí ara ẹ̀ ń burú sí i, àbí? Kí lo sọ?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Wọ́n bi mí, mà. Mo ní: "A rí i pé ara bàbá náà ò yá, a pe dókítà, a tọ́jú wọn, wọ́n sì gbádùn."

Ìyá Ìbejì: Ta ni "a"? Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ló mú ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń ní "èmi ni, èmi ni", wọ́n á ní ó ń fẹgẹ̀. Ẹni tó ń kọ máàkì ò ṣáà mọ èwo ni ìwọ ṣe níbẹ̀. Sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: NEWS2 bàbá yẹn, ìyẹn máàkì tá a fi ń mọ bí ara aláìsàn ṣe ń burú tó, jẹ́ 3 ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ó yẹ kí wọ́n tún wọn yẹ̀ wò ní aago méjìlá, nọ́ọ̀sì tuntun tó wà nídìí wọn gbàgbé. Ní aago méjì òru, mo rí i pé wọ́n ń mí kíákíá. Mo ṣe é, ó ti di 7. Mo pe àwọn oníṣẹ́ pàjáwìrì, mo dúró tì wọ́n, mo pín àwọn aláìsàn mi fún nọ́ọ̀sì méjì yòókù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá ọmọ tuntun yẹn jókòó, mi ò bá a jà. Látìgbà náà, tí mo bá jẹ́ alábòójútó, mo máa ń yí wọ́ọ̀dù ká láago méjìlá wo ẹni tí àkókò àyẹ̀wò ẹ̀ ti kọjá.

Ìyá Ìbejì: O gbé gbogbo èyí sílé lọ síbẹ̀! Báǹdì 5 náà ń pe pàjáwìrì. Ibi tó o ti pín aláìsàn, tó o bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, tó o wá ń yí wọ́ọ̀dù ká, ibẹ̀ ni Báǹdì 6 wà. Tẹ́ ẹ bá jọ ṣe é lóòótọ́, o lè sọ pé "a". Má sì wá máa júwe wọ́ọ̀dù fún máníjà ẹ o, gbólóhùn kan ti tó fún ẹni tó bá wá láti ẹ̀ka mìíràn.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ohun kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, mà. Lọ́dún tó kọjá, mo fún aláìsàn kan lóògùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣe é ní nǹkan, àmọ́ máníjà ló gba fọ́ọ̀mù ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n mẹ́nu kàn án?

Bọ̀dá Láńre: Láéláé! Ta ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ kó bá ara ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Tí wọ́n bá bi ẹ́ nípa àṣìṣe, òun gan-an ni kó o sọ, kó o fi ohun tó o yí padà lẹ́yìn ẹ̀ kún un. Tó o bá lọ mú kékeré kan wá níwájú ẹni tó mọ ńlá, yóò rò pé ò ń fi nǹkan pa mọ́. Tí wọn ò bá bi ẹ́, èmi ò ní sọ ọ́.

Àdìó Mánsẹ́stà: Wọn ò bi èmi tí mo fi sọ tèmi, wọ́n sì fún mi níṣẹ́. Àmọ́ mi ò lè búra pé torí ẹ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ ṣeun, mà. Ọkọ mi ló ń gbọ́ ẹ̀ lẹ́nu mi báyìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, kò mọ nǹkan kan nípa wọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bi mí pé "Ta ni 'a'?", mi ò sì tíì sọ ti àkọ́kọ́ tán.