Ẹlẹgbẹ́ Tó Ń Yan Ènìyàn Lódì, Tó sì Ń Fi Fáìlì Pamọ́: Ìrírí Àwa Òṣìṣẹ́ ní Òkè Ọya

Arábìnrin Gàríkì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí á jọ sọ ìrírí wa nípa ẹlẹgbẹ́ ẹni lẹ́nu iṣẹ́ tí kì í báni jà lójúkojú, ṣùgbọ́n tó ń yanni lódì, tó ń fi ẹ̀rín sọ̀kò ọ̀rọ̀, tó sì ń bẹ́gi dínà iṣẹ́ ẹni díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí i mú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ẹ̀ka tí mo wà báyìí, tí wọ́n sì ní kí n máa darí rẹ̀, mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, tó sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, àmọ́ tí ipò mi ga ju tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ló ń retí ipò náà. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é títí di òní. Òun náà kì í pè mí lórúkọ; "Ọ̀gá wa àgbà" ni ó ń pè mí, pàápàá bí àlejò bá wà lọ́fíìsì, ohùn tó sì máa ń fi pè é ló ń mú kí àwọn yòókù dorí kodò kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wọn. Bí mo bá kí i láàárọ̀, yóò dáhùn bí ẹni kẹta bá wà níbẹ̀. Bí ó bá ku àwa méjì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni yóò máa wò.

Ìyẹn kò dùn mí tó ọ̀ràn fáìlì. A fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Kàdúná, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti so àtẹ ìnáwó mọ́ mẹ́mò kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dárẹ́kítọ̀. Mo bi í ní ọjọ́ Ajé, ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá wa." Mo tún bi í ní Ọjọ́rú, ó ní òun ń wò ó. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a ti jókòó sí ìpàdé, tí dárẹ́kítọ̀ sì ní kí á gbé fáìlì náà wá, ẹ̀gbọ́n la ojú sílẹ̀, ó ní, "Háà, n kò mọ̀ pé kíákíá ni wọ́n fẹ́ ẹ o." Àtẹ tó wá mú jáde, ti ọdún tó kọjá ni, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura tó wà nínú rẹ̀ kò bá ọjà mu mọ́ rárá. Ọ̀dọ̀ mi ni dárẹ́kítọ̀ yíjú sí.

Ohun tó mú irú ìwà báyìí ṣòro ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ló ní àwáwí tó ṣeé gbọ́ létí. Ènìyàn lè gbàgbé, ènìyàn sì lè ṣi ìwé mú. Àfìgbà tí mo to gbogbo rẹ̀ jọ ni mo rí i pé kì í gbàgbé iṣẹ́ ẹlòmíràn, tèmi nìkan ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ kírun Jímọ̀ tí ọ́fíìsì sì dá, mo lọ bá a ní ìdí tábìlì rẹ̀. N kò sọ pé ó kórìíra mi, nítorí bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò di ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àtẹ ìnáwó Kàdúná ni mo bá wá. Ẹ sọ ní Ọjọ́rú pé ẹ ń wò ó, ní Ọjọ́bọ̀ a kò rí i. Kí ló dí yín lọ́wọ́?" Ó dákẹ́ títí. Èmi náà dákẹ́, n kò bá a wá ìdáhùn. Nígbà tó yá ó ní, "Kò sí nǹkan kan lọ́kàn mi." Mo ní, "Ó dára, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ wo ni tuntun yóò jáde?" Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ṣí fáìlì náà níwájú rẹ̀, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí a ti jọ sọ, àtẹ tuntun yóò dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjìlá ọ̀sán, mo sì buwọ́ lù ú. Àtẹ náà dé kí aago méjìlá tó lù. Àmọ́ "Ọ̀gá wa àgbà" kò dáwọ́ dúró, odì náà kò sì tíì tán. Kí ni ẹ̀yin ti ṣe sí irú èyí?

Oníṣòwò Sábọ́n Gàrí

Arábìnrin, ẹ ti ń kẹ́ ọkùnrin náà jù. Ní Kánò níbí, èmi àti ẹnì kan jọ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan náà. Ó yàn mí lódì, èmi náà yàn án. N kò kí i, n kò bi í léèrè ohunkóhun, n kò tilẹ̀ wo ibi tó wà. Nígbà tó rí i pé n kò bẹ̀bẹ̀, tí n kò sì bínú, ó sú òun fúnra rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ fọhùn. Ẹni tó ń yanni lódì ń fẹ́ kí á wá máa bẹ òun ni. Lóòótọ́, lásìkò náà ọjà kan tán ní sítọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ fún ẹnì kejì, oníbàárà bá tibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ọ̀gá sì bá àwa méjèèjì wí. Ṣùgbọ́n odì tán.

Bàbá Rẹ́jísírì, Kúbwà

Oníṣòwò, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ́: kí ènìyàn má máa lé ẹni tó dákẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n o dákẹ́ lórí iṣẹ́ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ọjà ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Kò sí òfin ìjọba tó ní kí ènìyàn dáhùn "ẹ káàárọ̀". Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Fáìlì ni kí ẹ dì mú.

Mo ti fẹ̀yìn tì, rẹ́jísírì ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo bí fáìlì ṣe ń rìn ní ẹ̀ka yín. Bí fáìlì bá ń gba rẹ́jísírì kọjá, wọn yóò kọ sínú ìwé ibi tó lọ, ọjọ́ tó lọ àti ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn láti máa na fáìlì síra wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, "gbà, bá mi wò ó", láìsọ fún rẹ́jísírì. Ẹni tó bá fẹ́ fi fáìlì sùn, ọ̀nà yẹn ló fẹ́ràn jù, nítorí kò sí àkọsílẹ̀ tó lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ẹ dá a padà sí ọ̀nà tó tọ́, kí ó sì jẹ́ fún gbogbo ènìyàn, kì í ṣe fún òun nìkan, kó má baà ní wọ́n ń ṣọ́ òun. Èkejì, kí gbogbo ewé inú fáìlì ní nọ́ńbà tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹnì kan bá yọ àtẹ tuntun kúrò, nọ́ńbà yóò fò; bó bá sì dọ́gbọ́n ti ti àná bọ̀ ọ́, nọ́ńbà kò ní bá ara wọn mu.

Ìwé Òfin Iṣẹ́ Ọba mọ irú nǹkan wọ̀nyí. Nínú ẹ̀dà ti ọdún 2008, mímọ̀ọ́mọ̀ fi ìwé ìjọba falẹ̀ wà lára ìwà àìtọ́, fífi fáìlì pamọ́ sì wà lára èyí tí wọ́n kà sí ìwà àìtọ́ ńlá. Síbẹ̀, mo bẹ yín, ẹ má fi kúẹ́rì bẹ̀rẹ̀. Kúẹ́rì tí kò ní ọjọ́ àti nọ́ńbà ewé nínú, òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò fi ìpínrọ̀ kan pa á.

Ìyá Ìbejì, Nyánya

Olúwa ò! Ìyàwó àbúrò ọkọ mi gan-an ni ẹ ń júwe yìí. Ilé kan náà ni a jọ ń gbé. Bí mo bá ti gbé ọbẹ̀ kaná tí mo sì wọlé, nígbà tí n ó fi jáde iyọ̀ ti pọ̀ sí i. Bí mo bá bi í, á ní òun rò pé mi ò tíì fi iyọ̀ sí i. Ṣé kí n pe ìpàdé ẹbí ni?

Arábìnrin Gàríkì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà o. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni a ń sọ, ti ilé kò ní rẹ́jísírì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í nípa ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ tó pe ẹbí.

Nọ́ọ̀sì Jọs

Òkò ọ̀rọ̀ ni tèmi. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣáájú mi ní wọ́ọ̀dù, bí ó bá ń fa iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ ní àárọ̀, yóò ka orúkọ aláìsàn méjì, yóò sì ní, "Ìyókù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì, ẹ ó ti mọ̀." Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan mo di bírò mú, mo ṣí ìwé, mo sì bi í láìrẹ́rìn-ín, láìfajúro: "Ẹ ṣé, mà. Aláìsàn wo ni ẹ rò pé n kò mọ̀ nípa rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí n kọ ọ́." Mo dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ó sì ní láti ka ìyókù. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti sọ̀kò ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo máa ń bi í. Bí ó bá ní ẹ̀fẹ̀ ni, mo máa ń ní "ó dára, mà," n ó sì padà sórí aláìsàn tó kàn.

Àmọ́ Arábìnrin, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ gbà kò bá gbogbo ọ̀ràn mu. Ní ọjọ́ kan ó ti fún aláìsàn kan lóògùn, kò kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì sọ fún mi. Ọmọ aláìsàn náà ló sọ fún mi bí mo ṣe ń gbé oògùn bọ̀ pé, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún màmá." N kò lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀, n kò sì dúró di ọjọ́ kejì. Mo mú ìwé náà lọ bá métírọ́ọ̀nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ti wọ̀ ọ́. N kò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ní oògùn yìí kò sí ní àkọsílẹ̀, ohun tí ọmọ rẹ̀ sì sọ nìyí.

Bàbá, ẹ má bínú, n kò gba ti pé kí á máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé mo ń kọ, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí kọ nípa ara wọn, ibi iṣẹ́ sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá Rẹ́jísírì, Kúbwà

Ọmọ mi, iṣẹ́ ni mo ní kí ẹ máa kọ, n kò ní kí ẹ máa kọ ìwà. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìlà tó wà láàárín méjèèjì tín-ín-rín.

Arábìnrin Gàríkì

Mo ti ṣe ti nọ́ńbà ewé, fáìlì sì ti ń gba rẹ́jísírì kọjá. Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Mo fa gbogbo ètò Kàdúná lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, láti orí ilé ìtura dé orí àwọn olùkọ́, orúkọ rẹ̀ ni mo sì kọ sí mẹ́mò. Kò fi nǹkan kan falẹ̀. Ó tilẹ̀ pè mí ní alẹ́ láti bi mí nípa àwọn tó ń bọ̀ láti Sókótó. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo kí i, kò dáhùn.

Oníṣòwò Sábọ́n Gàrí

Ẹ ti san án lẹ́san fún ìwà burúkú nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe dáadáa ń kọ́?

Arábìnrin Gàríkì

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ipò tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dùn ún, iṣẹ́ tó ní orúkọ rẹ̀ lórí kò sì rí bí iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi. Bàbá, fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n ọdọọdún ti ń bọ̀, èmi ni n ó sì kọ tirẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ̀rọ̀ àtẹ ìnáwó àkọ́kọ́ yẹn sí i?

Bàbá Rẹ́jísírì, Kúbwà

Ẹ kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ti ètò Kàdúná tó ṣe dáadáa tẹ̀lé e.

Nọ́ọ̀sì Jọs

Èmi kò ní kọ ti àkọ́kọ́. Ẹ ti jọ yanjú ìyẹn láàárín ara yín ní ọjọ́ Ẹtì náà.