Ẹ sọ ìrírí yín: ìgbà tí nọ́ńbà tí ọjà ò fi hàn yí iye dúkìá padà nínú ìwé

Ìbídùn_Léjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onísirò. Èmi ni wọ́n gbé ìwé ìdókòwò lé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ wa báyìí, Ìpele Kẹta, ìyẹn àwọn dúkìá tá a fi nọ́ńbà tí ọjà ò fi hàn díyelé, ló sì ń dà mí láàmú. Ẹ má ka IFRS 13, òfin ìṣirò tó sọ bá a ṣe ń díyelé dúkìá, fún mi o, mo ti kà á. Ohun tí ojú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọ́dítọ̀_Àgbà
Àbúrò, jókòó.

Àjọ ìdókòwò kan la lọ yẹ ìwé wọn wò. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan tí ṣíà rẹ̀ ò sí lọ́jà kankan, àwọn nìkan ló ni ín. Ìṣirò wọn ò le. Wọ́n á mú owó tí wọ́n retí pé yóò wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n á mú ìdá tí wọ́n fi ń dín owó ọjọ́ iwájú kù, wọ́n á yọ ìdá tí wọ́n rò pé owó náà yóò máa fi dàgbà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi èyí tó ṣẹ́ kù pín owó náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 10 ni wọ́n retí, ìdínkù jẹ́ 15%, ìdàgbà jẹ́ 5%. Fi 0.10 pín 10, ó di mílíọ̀nù 100. Kò burú.

Nígbà tó di ọdún kejì, ọjà ò tà. Owó tí wọ́n ń retí já sí mílíọ̀nù 9. Mo ṣí ìwé, mílíọ̀nù 100 ni mo tún bá níbẹ̀, geere. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fa 15% wá sí 14%. Fi 0.09 pín 9, kí lo rí?

Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ewu ilé iṣẹ́ náà ti dín kù. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà wà nínú fáìlì wọn pé báǹkì tó yá ilé iṣẹ́ yẹn lówó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún èlé ni, nítorí pé ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́. Báwo ni ewu ṣe ń dín kù lójú ẹni tó ni ín, tó sì ń pọ̀ lójú ẹni tó yá a lówó?

Ohun tí mo máa ń ṣe kò ju èyí lọ: mo fi ìdá èṣí sínú owó tọdún yìí. Mílíọ̀nù 90 ló jáde. Mílíọ̀nù 10 tó kù, 1% yẹn nìkan ló bí i. Àríyànjiyàn ọ̀hún pọ̀, àmọ́ 15% ni wọ́n padà sí.

Kọ́lápọ̀
100 geere! Wọ́n ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò 😂

Ṣadé_M
Ẹ̀gbọ́n, ṣé tábìlì tó ń fi hàn bí iye ṣe lè lọ sókè sódò ò tú wọn fó ni?

Ọ́dítọ̀_Àgbà
Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ìdajì 1% ni wọ́n fi gbé e sókè, tí wọ́n sì fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mílíọ̀nù 94.7 sí 105.9 ló fún wọn. Ó rí pẹ̀lẹ́, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n fi odindi 1% ṣe é, torí pé ohun tí àwọn fúnra wọn fi yí i lọ́dún yẹn nìyẹn. Ó di 90 sí 112.5. Wò ó dáadáa: apá òkè gùn ju apá ìsàlẹ̀ lọ. Bí ìdínkù àti ìdàgbà bá ṣe ń sún mọ́ra ni iye náà á máa fò sókè.

Gbọ́láhàn
Ìdí tí mo ṣe máa ń sọ pé nǹkan kan ṣoṣo tí ò bá sí lọ́jà, Ìpele Kẹta ni. Ó parí.

Ṣadé_M
Kò parí o. Ó dìgbà tí nǹkan náà bá tẹ̀wọ̀n nínú gbogbo iye ọ̀hún. A ní àdéhùn pàṣípààrọ̀ èlé kan tó jẹ́ ọdún 12. Èlé ọdún 10 àkọ́kọ́ wà lójú ọjà, ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ni àwa fúnra wa nà síwájú. A yí ọdún méjì yẹn sókè sódò, iye ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ìpele Kejì, tó dúró lórí nọ́ńbà tó hàn lọ́jà, la fi í sí, ọ́dítọ̀ sì fọwọ́ sí i.

Gbọ́láhàn
Ta ló wá ń sọ pé ó tẹ̀wọ̀n tàbí kò tẹ̀wọ̀n?

Ṣadé_M
10% ni ààlà níbi iṣẹ́ wa. Ìwé òfin ò dárúkọ nọ́ńbà kankan, òye ló ní ká lò.

Gbọ́láhàn
10% tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn. Mo ti gbọ́.

Màmá_Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ṣíà tí mo rà, iye rẹ̀ ń jáde lórí fóònù mi lójoojúmọ́. Ṣé ẹ̀ ń sọ pé wọ́n ń fọwọ́ yí i ni?

Kọ́lápọ̀
Ìpele Kìíní nìyẹn mà, iye ọjà gan-an ni wọ́n ń kọ, ẹ sùn ní tiyín.

Fẹ́mi_Onídìyelé
Ẹ̀yin ọ́dítọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo àwa tó ń díyelé dúkìá, olè ni wá. Ìdá ìdínkù máa ń yí padà lóòótọ́. Ẹni tó bá fi 15% sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, òun náà ń purọ́, ó kàn ń pa á jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ gbọ́ tèmi. Mílíọ̀nù 90 la fi ra ilé iṣẹ́ kan. Ìṣirò wa ní 100 ni iye rẹ̀, 15% àti 5% bíi tẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá ní ká kọ èrè mílíọ̀nù 10 sílẹ̀ lọ́jọ́ tá a rà á gan-an. Mo ní rárá. Ẹni tó tà á àti àwa tá a rà á ti fẹnu kò sí 90, ìṣirò wa ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Mo gbé ìdínkù sókè títí ó fi bọ́ sí 90, ó tó 16.1%. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù ní láti sọ ohun tó yí padà, lọ́jà tàbí nínú ilé iṣẹ́ náà.

Kọ́lápọ̀
Tó bá jẹ́ pé gbèsè ló lé ẹni tó tà á ńkọ́? Wàràwàrà ló fi tà á.

Fẹ́mi_Onídìyelé
Nígbà náà, 90 lè má jẹ́ iye tó tọ́, àmọ́ o gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Kódà tó o bá ní in, IFRS 9, òfin ìṣirò tó wà fún dúkìá bíi ṣíà àti gbèsè, ò ní jẹ́ kó o fi èrè yẹn yangàn lọ́jọ́ kìíní nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tí ọjà ò fi hàn ló bí i. Wàá gbé e sẹ́yìn ná.

Ọ́dítọ̀_Àgbà
Mo gbà fún ọ. Ká ní gbogbo yín rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbídùn_Léjà
Ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n. Ìwé èṣí tiwa kọ ọ́ pé ìdínkù wà láàárín 9% sí 24%. Ṣé bí iyèméjì wa ṣe pọ̀ tó nìyẹn?

Ọ́dítọ̀_Àgbà
Rárá. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ lẹ kó jọ síbẹ̀. Ọ̀kan wà ní 9%, òmíràn wà ní 24%, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Kò sọ bí ẹ ṣe mọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan dájú tó.

Gbọ́láhàn
Kí wá ni ẹni tó ń kàwé fẹ́ fi ṣe? Ó dà bí ìgbà téèyàn sọ pé ẹni tó kúrú jù àti ẹni tó ga jù wà nínú ilé.

Ṣadé_M
Òfin ìṣirò Amẹ́ríkà ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ta ṣíà fáráyé fi ìpíndọ́gba kún un, èyí tó wo bí dúkìá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi sí. IFRS ò fi ìyẹn ṣe dandan.

Gbọ́láhàn
Kó fi ṣe dandan nígbà náà!

Ọ́dítọ̀_Àgbà
Ìpíndọ́gba náà lè bo ẹni tó wà ní 24% mọ́lẹ̀. Èmi á kúkú fẹ́ kí wọ́n ya àwọn dúkìá ńláńlá sọ́tọ̀.

Fẹ́mi_Onídìyelé
Kí ẹni tó fẹ́ bá wa dúnàádúrà wá rí nọ́ńbà wa kedere? Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà.

Ìbídùn_Léjà
Màá ya mẹ́ta tó tóbi jù sọ́tọ̀ lọ́dún yìí, ká wo ohun tí ọ̀gá máa sọ. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ẹni tó bá bá ìwé 16.1% yẹn lọ́wọ́ yín, ṣé ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lákọsílẹ̀ àbí ó wà lórí yín nìkan?

Fẹ́mi_Onídìyelé
Ó wà lákọsílẹ̀ o. Tẹni tó wà ṣáájú mi ni ò sí.