Ẹ bá mi wo ìkéde ìfọwọ́ àti aṣọ iṣẹ́ yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri

Alábòójútó ìmọ́tótó, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n kọ ìkéde fún gbogbo òṣìṣẹ́ nípa ìfọwọ́ àti aṣọ iṣẹ́, kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì wà nínú àwọn tó máa kà á, àwọn tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, àwọn alásè, àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn, títí dé ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Yorùbá ló yé ọ̀pọ̀ nínú wọn jù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó rọrùn. Ohun tí mo kọ rèé:

> A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé ìmọ́tótó ọwọ́ ṣe pàtàkì. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ lóòrèkóòrè. Aṣọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní mímọ́ tónítóní nígbà gbogbo. Ẹnikẹ́ni tó bá rú òfin yìí yóò jìyà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń gbálẹ̀, ṣé ẹ máa mọ ohun tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán? Kí ló kù?

Mètírónì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Kò sí irọ́ nínú ohun tí o kọ, àmọ́ ẹni tó bá kà á ò tíì mọ nǹkan tó máa ṣe. Wo "lóòrèkóòrè" yẹn. Agbálẹ̀ á ní òun fọwọ́ láàárọ̀, òun sì fọ̀ ọ́ kí òun tó jẹun. Nọ́ọ̀sì á ní òun fọ̀ ọ́ nígbà tí òun dé àti nígbà tí òun ń lọ. Gbogbo wọn á gbà pé àwọn ti pa òfin mọ́. Ìgbà ni kí o kọ: kí ọwọ́ tó kan kí ni, àti lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kan kí ni.

Ìgbà márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àwa tó ń tọ́jú aláìsàn. Kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn. Kí a tó ṣe iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ ní ìdọ̀tí rárá, bí abẹ́rẹ́ tàbí títún egbò dì. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì tàbí omi ara mìíràn bá ti lè kàn wá. Lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan aláìsàn tán. Ìkarùn-ún ni lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan nǹkan tó yí i ká, kódà tí a ò fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń fò dá jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kan agbálẹ̀ tó nu irin ibùsùn àti orí tábìlì.

Jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan lórí ibùsùn kẹrin, ó fẹ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí. Ó gbọ́dọ̀ tọ́jú ọwọ́, ìyẹn ni pé kó fọ̀ ọ́ tàbí kó fi sánítáísà pa á, kó tó kàn án. Ó kàn án tán, ó fa aṣọ ibùsùn, ó gbá irin ibùsùn mú, ó wá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Ó tún gbọ́dọ̀ tọ́jú ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn kan náà ni, torí ohun tó wà lára irin yẹn lè bá abẹ́rẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ó da ìtọ̀ inú àpò nù, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tọ́jú ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá wá fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí tó fi dé ibùsùn karùn-ún, ìtọ́jú ọwọ́ kan yẹn ti tó fún ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Àmọ́ tó bá gba ìpè lórí fóònù lójú ọ̀nà, ó di dandan kó tún un ṣe. Kọ irú àpẹẹrẹ báyìí sínú ìkéde rẹ.

Oníbúkà, Ṣàgámù

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní búkà. Ọ̀kan nínú wọn ń gba owó, ó sì tún ń bu ẹran. Ṣé fìlà ni kí n rà fún wọn ni àbí aṣọ tuntun?

Mètírónì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn

Màmá, fìlà dára, torí irun, ṣùgbọ́n owó yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa gba owó. Tí kò bá sí ẹlòmíì, kó fọwọ́ kó tó padà sídìí ìkòkò. Ìwọ tó ń kọ ìkéde, rántí pé àwọn alásè tìẹ náà ní ìgbà tiwọn: lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ẹran tàbí adìyẹ tútù, lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, àti kí wọ́n tó bu oúnjẹ aláìsàn. Ìgbà márùn-ún àwọn nọ́ọ̀sì ò ní yé wọn.

Ẹni tó ń ta ohun èlò ilé ìwòsàn, Ìkẹjà

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ omi da ara yín láàmú. Ẹ fún gbogbo èèyàn ní ìbọ̀wọ́, ẹ gbé sánítáísà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ó yá ju ọṣẹ lọ.

Òṣìṣẹ́ láàbù, Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa sánítáísà ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Fífi pa ọwọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 lọ, nígbà tí ọṣẹ àti omi ń gba 40 sí 60, látìgbà tí ọwọ́ bá ti tutù dé ìgbà tó bá gbẹ. Tí nọ́ọ̀sì bá ní láti rìn dé ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù kó tó rí omi, kò ní lọ ní gbogbo ìgbà tó yẹ.

Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́, sánítáísà ò ní kó o kúrò, yóò kàn rá a mọ́ ọwọ́ ni. Tí aláìsàn bá ń ṣu gbuuru, ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n lò, torí àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru kan wà tí ọtí inú sánítáísà kì í pa. Kí wọ́n sì wo ara ìgò kí wọ́n tó rà á: tí ọtí inú rẹ̀ ò bá tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi sílẹ̀. 80 ló wà nínú ọ̀kan lára àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn ilé ìwòsàn máa pò fúnra wọn.

Ti ìbọ̀wọ́ yẹn ni mi ò fara mọ́. Ó lè ní ihò tí ojú ò rí, ọwọ́ sì máa ń kó ìdọ̀tí nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. Ẹni tó wọ ẹyọ kan láti ibùsùn kìíní dé ìkẹfà, ara rẹ̀ nìkan ló dáàbò bò. Ohun tó wà lára ẹni àkọ́kọ́ ló ń pín kiri. Kọ ọ́ báyìí: "Aláìsàn kan, ìbọ̀wọ́ kan. Bọ́ ọ tán, tọ́jú ọwọ́."

Ẹ tún jẹ́ kí ìkéde náà sọ ẹni tó máa pọn omi. Ẹ rántí àwọn korobá tó ní ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú géètì nígbà Ẹ̀bólà lọ́dún 2014 àti nígbà Kòrónà lọ́dún 2020. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbẹ, torí kò sẹ́ni tí wọ́n yàn láti máa rọ omi sí i. Ẹ má sì gbé abọ́ omi kan kalẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti ti ọwọ́ bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má so táwẹ́lì kan kọ́ fún gbogbo wọn.

Alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn, Oṣogbo

Ti aṣọ ni tèmi. "Mímọ́ tónítóní" ò sọ nǹkan kan. Aṣọ lè funfun kó má mọ́. Ẹ kọ ọ́ pé aṣọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ bá yín lọ sọ́jà, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Kí ẹ pààrọ̀ aṣọ nígbà tí ẹ bá dé àti kí ẹ tó lọ. Èyí tí ẹ bọ́, inú ọ̀rá ni kí ẹ kó o sí, ẹ má fi í mọ́ aṣọ ọmọ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń mú omi gbóná, 60°C ni wọ́n máa ń lò. Àwa tá à ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ ò lè ti ọwọ́ bọ irú omi bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọṣẹ tó pọ̀, oòrùn tó mú àti áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa ni agbára wa mọ.

Ẹ bi ọ̀gá yín léèrè: aṣọ mélòó ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó ní ẹyọ kan, tó sì ń wá síṣẹ́ lójoojúmọ́, kò lè pa òfin yìí mọ́ lásìkò òjò, bó ti wù kó fẹ́ tó.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀n

Níhìn-ín, láti nǹkan bí ọdún 2008 ni wọ́n ti ní kí a máa jẹ́ kí apá wà ní ìhòòhò láti ìgbọ̀nwọ́ sísàlẹ̀ tí a bá wà nídìí aláìsàn. Kò sí aago ọwọ́, kò sí ẹ̀gbà ọwọ́, kò sí èékánná àlẹ̀mọ́. Òrùka ìgbéyàwó pẹlẹbẹ tí kò ní òkúta ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó wọ aago kì í fọ ọrùn ọwọ́, etí aṣọ gígùn sì máa ń kan egbò láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Kọ ìdí náà mọ́ òfin, wọn ò ní rò pé ẹ̀ ń fìyà jẹ wọ́n.

Olùtọ́jú aláìsàn, Ìwó

Àwa tá à ń wọ híjáàbù ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo wa la lè ṣí apá sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀n

Arábìnrin mi, níbi tí mo wà, àwọn kan máa ń ká apá aṣọ sókè nígbà tí wọ́n bá dé ìdí aláìsàn, wọ́n á sì fà á wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n tún fàyè gba apá aṣọ àlòsọnù, tó ní rọ́bà ní ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́, tí wọ́n á bọ́ nù pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Àmọ́ wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ ọ.

Olùtọ́jú aláìsàn, Ìwó

Ta ló máa rà á? Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ò rí ìbọ̀wọ́ tó tó.

Alábòójútó ìmọ́tótó, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ti wọ́ọ̀dù, ti ilé ìdáná àti ti ẹnu géètì, kí oníkálukú lè rí tirẹ̀ lára ògiri ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ti àwọn agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù rèé:

> Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ: kí ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn tí ẹ bá nu ibùsùn, tábìlì tàbí ilẹ̀ tán, lẹ́yìn tí ẹ bá kó ìdọ̀tí tàbí pó ìgbẹ́, àti nígbàkigbà tí ẹ bá bọ́ ìbọ̀wọ́.
> Ẹ fọ àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná àti ọrùn ọwọ́. Ẹ fi bébà nu ún gbẹ.
> Ẹ bọ́ aago, ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka olókùúta sílé, torí ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sábẹ́ wọn. Ẹ pààrọ̀ aṣọ níbí. Ẹ má wọ aṣọ iṣẹ́ jáde.
> Tí ọṣẹ tàbí omi bá tán, ẹ sọ fún ọ̀gá ṣíìfù lójú ẹsẹ̀. A ò ní bá ẹni tó bá sọ fún wa wí.

Dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wa ti gbà láti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní aṣọ kejì. Ní ti ìjìyà, ó ṣì fẹ́ kí n kọ ọ́ pé a máa yọ nínú owó oṣù.

Mètírónì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn

Èyí dára. Ní ti owó oṣù yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń yọ owó, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ mọ́ pé ọṣẹ ti tán.

Alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn, Oṣogbo

Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fún ní aṣọ méjì, tí ọṣẹ wà, tí omi wà, tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kó san nǹkan.

Alábòójútó ìmọ́tótó, Abẹ́òkúta

Màá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì síwájú dókítà. Ti apá aṣọ àwọn oníhíjáàbù, mi ò tíì kọ ọ́ rárá. Lọ́jọ́ Ẹtì, màá bá àwọn tó ń wọ̀ ọ́ nínú wa jókòó, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n lè ṣe nínú kíká apá aṣọ àti apá àlòsọnù, kí n tó béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá.