Bríìjì tí kì í ṣe bríìjì

Olùkọ́ Ìlaròó: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Nínú áńpílífáyà tí ń yí àmì fóltì padà, ẹnu (−) àti ẹnu (+) ọ́ọ̀pu-áǹpù máa ń ní fóltì kan náà, bẹ́ẹ̀ kò sí waya tó so wọ́n pọ̀. Kí ni kí n pè é fún àwọn ọmọ kíláàsì mi? Mo ti kọ "bríìjì àfarawé".

Ẹnjiníà Ìbàdàn: Ẹ má fi bríìjì sí i. Bí oníná bá ní waya ti bríìjì, fíùsì ti jó nìyẹn, torí iná ti gba ibẹ̀ kọjá. Níbí, nǹkan kan ò gba ibẹ̀ kọjá. "Ìdọ́gba ẹnu" ni tèmi. Ká ní ẹnu (+) wà lórí ẹ́ẹ̀tì, rẹsítọ̀ 10 kΩ ń gbé fóltì 0.5 bọ̀ wá sí ẹnu (−), 47 kΩ sì so ẹnu (−) mọ́ ẹnu àbájáde. Àbájáde á máa sún títí ẹnu (−) yóò fi di òdo bí èkejì rẹ̀. Gbogbo fóltì 0.5 yẹn wá bọ́ sórí 10 kΩ. Iná tó gba ibẹ̀ kò rí ẹnu ọ́ọ̀pu-áǹpù wọ̀, 47 kΩ ló gbà lọ. Láti òdo, ó sọ̀ kalẹ̀:

```
I = 0.5 V / 10 kΩ = 0.05 mA
Vout = 0 − (0.05 mA × 47 kΩ) = −2.35 V
Vout / Vin = −47 / 10 = −4.7
```

Àdùkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, bó bá ti jẹ́ òdo, ẹ́ẹ̀tì náà ni. Iná á kúkú wọlẹ̀ níbẹ̀, kí ló ń wá ní 47? "Ẹ́ẹ̀tì àfarawé" ló yẹ ká pè é.

Ẹnjiníà Ìbàdàn: Òdo ni lóòótọ́, àbúrò, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí iná lè gbà wọlẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnu (+) bá sì wà lórí fóltì 2, fóltì 2 ni ẹnu (−) náà máa jẹ́. Ẹ́ẹ̀tì wo nìyẹn?

Atúnrédíòṣe: Tèmi ò dọ́gba o. Ọ́ọ̀pu-áǹpù LM358, bátìrì fóltì 9 kan, rẹsítọ̀ yín gẹ́lẹ́. Àbájáde ò kúrò ní òdo, mítà sì ka 0.41 lórí ẹsẹ̀ 2, ìyẹn ẹnu (−).

Ẹnjiníà Ìbàdàn: Mítà yín ò parọ́. Bátìrì kan ò lè gbé àbájáde lọ sábẹ́ òdo, ló ṣe há síbẹ̀. Rẹsítọ̀ méjèèjì kàn pín 0.5 láàárín ara wọn ni: 0.5 × 47/57, 0.41 náà nìyẹn. Ẹ fi bátìrì kejì kún un, kí ẹ so (−) ọ̀kan mọ́ (+) èkejì, kí ìsopọ̀ yẹn jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ 4, tó ń gba (−) bátìrì, á wá kúrò lórí ẹ́ẹ̀tì lọ sí (−) tó kù.

Àdùkẹ́: Ó ń dọ́gba, ó tún ń kọ̀ láti dọ́gba. Ṣé kì í ṣe "ìmúdọ́gba" ni? Ẹnìkan ló ń mú un dọ́gba, agbára ẹni náà sì lè tán.

Olùkọ́ Ìlaròó: Ìmúdọ́gba wù mí. Àmọ́ inú ìwé tí mo ti tẹ̀, "bríìjì" ṣì wà ní ojú ewé mẹ́ta.

Atúnrédíòṣe: Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bríìjì la ó máa pè é. Mò ń lọ ra bátìrì.